Oníbàárà kan jáde lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn kò jáde rárá, nígbà tí mo tò wọ́n ní ìlú-ìlú

Akọ̀wé_Òkèṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mo kọ áàpù tí dẹ́pò omi inú ọ̀rá kan ń lò níbí ní Adó. Oníbàárà 412 ló wà nínú rẹ̀, 50 ló ń jáde ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá tò wọ́n ní orúkọ ìlú, àwọn kan á jáde ní ojú-ìwé méjì, àwọn míì kò ní jáde níbì kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà nínú dátábéèsì. Tí mo bá tò wọ́n ní nọ́mbà oníbàárà, gbogbo wọn á pé. Màmá kan ní Ìjerò ti jẹ gbèsè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò pè é, nítorí orúkọ rẹ̀ kò sí níbi tí àwọn tó ń pe oníbàárà ń wò. Kí ló ń fa èyí? PostgreSQL ni mo ń lò. Kúẹ́rì ojú-ìwé karùn-ún nìyí:

```sql
SELECT id, name, town FROM customers
ORDER BY town
LIMIT 50 OFFSET 200;
```

Ọmọ_Ìdó

Àbúrò, ẹ wo àwọn tó ń ta ọjà yín lójú ọ̀nà. Wọ́n ń fi oníbàárà tuntun kún un nígbà tí ẹlòmíràn ń ka ìwé náà lọ́wọ́. Tí ẹnì kan bá wọlé láti Adó nígbà tí ẹ wà ní ojú-ìwé kìíní, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún sẹ́yìn ní ìlà kan. Ẹni tó wà ní ìlà 50 á di ìlà 51, ẹ ó sì tún bá a pàdé lókè ojú-ìwé kejì. Bí wọ́n bá pa ẹnì kan rẹ́, àwọn ìyókù á sún síwájú, ẹ ó sì fo ẹnì kan. Ẹ dán an wò lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, ẹ ó rí i pé á pé.

Akọ̀wé_Òkèṣà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ àná, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Gbogbo wọn ti lọ sílé, mo sì ti áàpù náà pa fún wọn. 412 ni mo bá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 412 ni mo bá nígbà tí mo parí. Síbẹ̀, àwọn kan jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá_Ṣọ́ọ̀bù_Ìkẹ́rẹ́

Irú rẹ̀ ṣe mí ní ọdún tó kọjá. Mo ń ta ohun èlò mọ́tò, oníbàárà mi kọ̀ọ̀kan lè ní nọ́mbà fóònù méjì tàbí mẹ́ta, inú téébù mìíràn ni mo sì kó àwọn nọ́mbà náà sí. Nígbà tí mo fi `JOIN` so téébù méjèèjì pọ̀, ẹni tó ní nọ́mbà mẹ́ta jáde nígbà mẹ́ta. `DISTINCT` ni mo fi tún un ṣe. Ẹ fi `DISTINCT` sí i, ẹ ó rí i pé á dákẹ́.

Akọ̀wé_Òkèṣà

Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n kò sí `JOIN` kankan nínú tèmi, téébù kan ṣoṣo ni. Mo sì fi `DISTINCT` sí i láti gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, kò yí nǹkan kan padà. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ti àwọn tó sọnù kò jọ ti àwọn tó tún jáde. Tó bá jẹ́ pé ìlọ́po nìkan ni, ká ní mo ti fojú fò ó.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ `DISTINCT` kò kàn ọ́. Inú ojú-ìwé kan ṣoṣo ló ti ń yọ ìlọ́po kúrò, kò mọ ohun tí o ti rí ní ojú-ìwé tó kọjá. Ẹni tí ìwọ ń rí lẹ́ẹ̀mejì, ojú-ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà.

Kí n tó sọ ohun tí mo rò, ṣe nǹkan méjì fún mi lálẹ́ òní nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti pa rọ́rọ́. Èkíní, kó `id` gbogbo ojú-ìwé mẹ́sàn-án jọ, kí o ka gbogbo wọn, lẹ́yìn náà kí o ka iye tó yàtọ̀ síra nínú wọn:

```python
ids = []
for p in range(9):
    ids += fetch_page(p)
print(len(ids), len(set(ids)))
```

Bí iye àkọ́kọ́ bá jẹ́ 412 gẹ́lẹ́, tí ìkejì sì kéré sí i, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wọlé, ẹnikẹ́ni kò jáde, àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an ló ń pààrọ̀ àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn, iye àwọn tó sọnù gbọ́dọ̀ bá iye ìgbà tí àwọn míì tún jáde dọ́gba, nítorí ẹni tó gba àyè méjì ti gba àyè ẹlòmíràn.

Èkejì, sọ fún mi iye oníbàárà tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àti ìlú tí àwọn tó sọnù ti wá.

Akọ̀wé_Òkèṣà

Ẹ kú àárọ̀ mà. Mo ti ṣe é. Ohun tó tẹ̀ jáde ni `412 394`. Èèyàn 18 ló sọnù.

Bí wọ́n ṣe wà ní ìlú-ìlú, bí dátábéèsì ṣe tò wọ́n: Adó 163, Ẹ̀fọ̀n 21, Ìjerò 34, Ìkẹ́rẹ́ 96, Ìkọ̀lé 41, Òmùò 18, Ọ̀yẹ́ 39.

Nínú àwọn 18 náà, 11 jẹ́ ará Adó, 7 jẹ́ ará Ìjerò. Kò sí ará ìlú mìíràn kankan. Èyí ló wá rú mi lójú mà. Ìkẹ́rẹ́ ní èèyàn 96, wọ́n tàn ká ojú-ìwé mẹ́ta, síbẹ̀ gbogbo wọn pé. Ìjerò tí kò ju 34 lọ ló pàdánù èèyàn méje. Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ Ìjerò ní àléébù, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí.

Ọmọ_Ìdó

Ha. Tó bá jẹ́ 412 gẹ́lẹ́ ló jáde, èmi ni mo ṣì í. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọlé.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Ohun tí o mú wá yìí ti sọ gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Nígbà tí o sọ pé `ORDER BY town`, ohun tí o bèèrè ni pé kí àwọn ará Adó ṣáájú, kí Ẹ̀fọ̀n tẹ̀ lé e, kí Ìjerò tẹ̀ lé e. O kò sọ ẹni tó máa ṣáájú láàárín àwọn ará Adó fúnra wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ wọ inú pápá ní ọjọ́ ọdún, ẹgbẹ́ àgbà kọ́kọ́, ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti wọlé ní àsìkò tirẹ̀, àṣẹ ti pé. Ta ló wà níwájú nínú ẹgbẹ́ náà? Ẹnikẹ́ni kò sọ. Bí wọ́n bá tún wọlé lọ́la, wọ́n lè tò lọ́nà mìíràn, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ sófin. Dátábéèsì kò ṣẹ̀ ọ́. Ìwé àlàyé PostgreSQL fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bí a bá lo `LIMIT`, kí `ORDER BY` wa tò wọ́n débi tí ìlà méjì kò fi ní bára dọ́gba.

Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí o ṣí, kúẹ́rì tuntun ni. Dátábéèsì kò rántí bó ṣe tò wọ́n nígbà tó fún ọ ní ojú-ìwé kìíní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló tún ń tò wọ́n, á fo 200, á fún ọ ní 50. Tí títò ìkejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ láàárín àwọn tó dọ́gba, ẹni tó wà ní ìlà 190 nínú títò kan lè bọ́ sí 210 nínú òmíràn. Wàá rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gba àyè 190 lọ́wọ́ rẹ̀ nínú títò kejì, tó sì jẹ́ pé 210 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, o kò ní rí i láéláé.

Wàyí o, kí ló dé tí Ìkẹ́rẹ́ fi bọ́? Ibí ni mo fẹ́ kí o ti fojú ara rẹ rí i. Ṣe èyí lórí ojú-ìwé kẹrin, kí o tún ṣe é lórí ìkarùn-ún, kí o ka ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Sort Method`:

```sql
EXPLAIN ANALYZE
SELECT id, name, town FROM customers
ORDER BY town LIMIT 50 OFFSET 150;
```

Akọ̀wé_Òkèṣà

Mà! Ní ojú-ìwé kìíní títí dé ìkẹrin, `top-N heapsort` ló kọ. Láti ìkarùn-ún dé ìkẹsàn-án, `quicksort` ni. Kúẹ́rì kan náà, téébù kan náà, nọ́mbà `OFFSET` nìkan ni mo yí padà.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Ìyẹn gan-an ni. Mo ti ń retí pé ibẹ̀ ló ti máa yí, torí mo ti ṣírò rẹ̀ lórí ìwé kí n tó ní kí o wò ó.

Nígbà tí o ní `LIMIT 50 OFFSET 150`, PostgreSQL mọ̀ pé ẹni 200 àkọ́kọ́ nìkan ni òun nílò. Kò wá ní ṣe wàhálà títò gbogbo 412. Ronú nípa ẹni tí wọ́n ní kó ṣa iṣu 50 tó tóbi jù nínú òkìtì: á mú 50 lọ́wọ́, bó bá ti rí èyí tó dára jù, á ju èyí tó kéré jù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni `top-N heapsort`. Ṣùgbọ́n bí iye tí wọ́n ní kó ṣà bá ti pọ̀ tó ìdajì òkìtì náà, kò sí èrè nínú ṣíṣà mọ́, á kúkú to gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni `quicksort`. Òfin rẹ̀ ni pé ìlà inú téébù gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tó nílò lọ kó tó máa ṣà. Ojú-ìwé kẹrin nílò 200, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 400, 412 ju 400 lọ, nítorí náà ó ṣà. Ojú-ìwé karùn-ún nílò 250, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 500, 412 kò tó o, nítorí náà ó tò gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì kò bìkítà nípa ẹni tó kọ́kọ́ dé láàárín àwọn tó dọ́gba. Bákan náà, ẹni tó ń ṣa 50 àti ẹni tó ń ṣa 100 kò ní ju ohun kan náà sílẹ̀, nítorí náà ojú-ìwé kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin lè yàtọ̀ síra wọn pẹ̀lú. Àmọ́ ojú-ìwé karùn-ún dé ìkẹsàn-án, ọ̀nà kan náà ni, ìlà kan náà ni wọ́n ń kà láti inú téébù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ohun kan náà ni wọ́n á mú jáde.

Mú èyí lọ sórí àwọn ìlú rẹ. Adó wà láti ìlà 1 dé 163, ojú-ìwé mẹ́rin tó ń fi ṣíṣà ṣe é ló pín in, ó pàdánù. Ẹ̀fọ̀n wà láti 164 dé 184, inú ojú-ìwé kẹrin nìkan ló wà, kò síbi tó máa sá lọ. Ìjerò wà láti 185 dé 218: 16 wà ní ojú-ìwé kẹrin, 18 wà ní ìkarùn-ún. Orí ààlà gan-an ló dúró sí. Ẹni tó ṣà ló fún ọ ní apá kan, ẹni tó tò gbogbo rẹ̀ ló fún ọ ní apá kejì. Ìkẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 219, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn ààlà, ó bọ́.

Má wá sọ pé Ìkẹ́rẹ́ wà láìléwu o. Bí ẹnì kan bá ṣe `UPDATE` sí ìlà kan, PostgreSQL á kọ ẹ̀dà tuntun ìlà náà sí àyè mìíràn, ọ̀nà tó ń gbà ka téébù á yí, Ìkẹ́rẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù láàárín ojú-ìwé méjì tí o ṣí ní ọ̀sán. Tí oníbàárà bá pé 520, ààlà náà á kúrò ní ojú-ìwé kẹrin lọ sí ìkarùn-ún.

Ọ̀gá_Ṣọ́ọ̀bù_Ìkẹ́rẹ́

Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ sí ti àbúrò yìí pátápátá. Ẹ ṣeun, ìyá wa.

Akọ̀wé_Òkèṣà

Mà, ojú mi là. Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?

Ọmọ_Ìdó

Ó rọrùn. Fi ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ tẹ̀ lé orúkọ ìlú, `ORDER BY town, created_at`. Ẹni tó kọ́kọ́ dé á ṣáájú, ó sì ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń kà á.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Ọ̀nà lo wà, Ọmọ Ìdó, ṣùgbọ́n o kò tíì débẹ̀. Ohun tí o máa fi ya wọ́n sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn méjì kò lè jọ ní. Akọ̀wé, báwo ni oníbàárà àkọ́kọ́ ṣe dé inú áàpù yín? Ṣé ẹ tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?

Akọ̀wé_Òkèṣà

Rárá mà. Inú fáìlì Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì ni mo ti kó wọn wá, 230 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí n wò ó... Gbogbo àwọn 230 ní `created_at` kan náà, títí dé ìdá kékeré inú ìṣẹ́jú-àáyá!

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. `now()` nínú PostgreSQL ń sọ àsìkò tí `BEGIN` bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àsìkò tí ìlà kọ̀ọ̀kan wọlé. Ohun gbogbo tó bá wà láàárín `BEGIN` kan àti `COMMIT` kan á gba àsìkò kan náà. Nítorí náà, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ á dín ìṣòro náà kù, á sì fi ìyókù pamọ́ fún ọ, èyí tó burú ju kó hàn gbangba lọ.

`id` ni kí o lò. Kò sí ẹni méjì tó ní i:

```sql
SELECT id, name, town FROM customers
ORDER BY town, id
LIMIT 50 OFFSET 200;
```

Má fi sí ìlú nìkan. Áàpù yín jẹ́ kí wọ́n tẹ orí kọ́lọ́ọ̀mù èyíkéyìí láti tò ó, àbí? Ibi kan ṣoṣo tí sáfà ti ń kọ `ORDER BY` náà ni kí o ti máa fi `id` sí ìparí, kọ́lọ́ọ̀mù yòówù kí wọ́n yàn. Ìpín oníbàárà, ipò gbèsè, orúkọ awakọ̀ tó ń gbé omi lọ, gbogbo rẹ̀ ló ní àìsàn kan náà. Má sì gbìyànjú láti tún un tò nínú JavaScript lórí fóònù, nítorí 50 tó ti dé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló lè tò. Ẹni tí sáfà ti fò, kò lè mú un padà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mo ti fara gbá a rí. A tẹ lẹ́tà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ojú-ìwé lójú-ìwé, a tò wọ́n ní ẹ̀ka. Iye lẹ́tà pé pérépéré bí iye ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà a fi ọkàn balẹ̀. Ọjọ́ ìpàdé ni àwọn àgbàlagbà tó wá láti ọ̀nà jíjìn ń bi wá pé kí ló dé tí a kò pè wọ́n. Mi ò ní gbàgbé ojú bàbá kan.

Atẹ́wọ́gba_Ọ̀yẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. MySQL ni èmi ń lò, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi `ORDER BY` lórí kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìgbà tí a kúrò lórí 5.5 la bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Mo ti ń sọ fún ọ̀gá mi pé MySQL tuntun ló bàjẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Kò bàjẹ́, arákùnrin. Láti 5.6 ni MySQL náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà nígbà tó bá rí `ORDER BY` pẹ̀lú `LIMIT` kékeré, dípò kó máa tò gbogbo rẹ̀. Kúẹ́rì yín ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé àlàyé wọn náà sọ ọ́ pé bí ìlà púpọ̀ bá dọ́gba, sáfà lè dá wọn padà bó ṣe wù ú. Oògùn kan náà ni, `id` ní ìparí.

Akọ̀wé_Òkèṣà

Mo ti fi sí i. `412 412`. Mo ṣe é nígbà márùn-ún. Màmá Ìjerò wà ní ojú-ìwé kẹrin, ní ìlà kẹtàdínlógójì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Apènìyàn_Adó

Inú mi dùn fún yín. Èmi kì í kọ kóòdù, èmi ni mo ń pe oníbàárà ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi. Tiwa ní `id` ní ìparí, ẹni tó kọ ọ́ fi hàn mí. Àwọn tó jẹ gbèsè nìkan ló ń jáde. Mo máa pe àwọn 50 ti ojú-ìwé kìíní, bí mẹ́ta bá sanwó lójú ẹsẹ̀, mo máa tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n ti san. Bí mo bá wá tẹ ojú-ìwé kejì, ó máa ń fo àwọn kan. Mo mọ̀ nítorí ọ̀kan nínú wọn ń gbé ní àdúgbò mi.

Ọmọ_Ìdó

Èyí gan-an ni mo kọ́kọ́ ń sọ!

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Òótọ́ ni, Ọmọ Ìdó, ibí lọ̀rọ̀ rẹ ti wúlò. Àbúrò mi, àwọn mẹ́ta tó san ti kúrò nínú àwọn onígbèsè. Ẹni tó wà ní ìlà 51, 52 àti 53 ti sún wá sí 48, 49 àti 50. Ojú-ìwé kejì ní kí wọ́n fo 50 àkọ́kọ́, nítorí náà ó fo àwọn mẹ́ta yẹn, ìwọ sì ti kúrò lórí ojú-ìwé kìíní. `id` ní ìparí kò lè wo èyí sàn.

Ohun tó ń wò ó sàn ni pé kí áàpù má ka iye tó máa fò mọ́. Kó rántí ẹni tó gbẹ̀yìn tí o rí, kó sì bèèrè àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ará Adó tí `id` rẹ̀ jẹ́ 731 lo rí gbẹ̀yìn:

```sql
SELECT id, name, town FROM customers
WHERE balance > 0
  AND (town, id) > ('Ado', 731)
ORDER BY town, id
LIMIT 50;
```

Ẹni yòówù kó kúrò ṣáájú rẹ̀, ibi tí o dúró sí kò yí. Bí ẹ bá ṣe íńdẹ́ẹ̀sì lórí `(town, id)`, á tún yára, torí kò ní máa ka àwọn tó fẹ́ fò.

Atẹ́wọ́gba_Ọ̀yẹ́

Mo ti lo èyí rí, ó sì pa mí lára níbì kan. Àwọn oníbàárà kan kò ní ìlú, `NULL` ni. Wọ́n kò jáde ní ojú-ìwé kankan.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

O ṣeun tí o rán mi létí. `(town, id) > ('Ado', 731)` kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ẹni tí ìlú rẹ̀ jẹ́ `NULL`, nítorí náà á yọ ọ́ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ́lọ́ọ̀mù náà jẹ́ `NOT NULL`, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ òfìfo tàbí "Ko si ilu" sí i. Ohun kan tún wà: bí ẹ bá ń tò ó láti òkè sí ìsàlẹ̀, ọ̀nà kan náà ni kí méjèèjì lọ, `town DESC, id DESC`, kí ẹ sì yí àmì `>` padà sí `<`. Bí ọ̀kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ìfiwéra yẹn á ṣì yín lọ́nà.

Akọ̀wé_Òkèṣà

Mà, ọ̀gá wa fẹ́ nọ́mbà ojú-ìwé nísàlẹ̀, 1, 2, 3 títí dé 9, kó lè tẹ 7 tààrà. Ọ̀nà yìí kò lè ṣe ìyẹn, àbí?

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Kò lè fò lọ sí 7 láìkọjá ní 6. Fún ọ̀gá tó kàn ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà, `OFFSET` pẹ̀lú `id` ní ìparí tó, 412 kéré. Fún ẹni tó ń pe èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sì ń yí wọn padà bó ṣe ń lọ, ọ̀nà kejì ni kó lò. Kò pọn dandan kí ojú méjèèjì lo kúẹ́rì kan náà.

Apènìyàn_Adó

Ìbéèrè kan ló kù. Iye gbèsè ni wọ́n fi ń tò ó fún wa báyìí, ẹni tó jẹ jù ló ń ṣáájú. Bí ẹni tó jẹ ₦40,000 bá san ₦30,000, kò kúrò nínú àwọn onígbèsè, ìsàlẹ̀ ló máa bọ́ sí. Ṣé mi ò ní tún pè é?

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Wàá tún bá a pàdé, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohun tí a fi ń tò wọ́n gan-an ló ń yí. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá sì tún ra ọjà ní àwìn, tí gbèsè rẹ̀ ga kọjá ibi tí o dé, o kò ní rí i lọ́jọ́ náà. Rírántí ẹni tó gbẹ̀yìn kò gbà wá lọ́wọ́ èyí.

Ọmọ_Ìdó

Kí wọ́n kó `id` àwọn tí wọ́n máa pè sínú téébù kan láàárọ̀, kí wọ́n nọ́mbà wọn 1, 2, 3, kí apènìyàn máa tẹ̀ lé ìyẹn títí di ìrọ̀lẹ́. Bí gbèsè bá yí, ipò ẹni náà kò yí.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé

Mo fara mọ́ ọn ju ohun mìíràn lọ. Àmọ́ ẹni tó ra àwìn ní aago mẹ́wàá kò ní sí nínú rẹ̀ títí di ọ̀la. Bóyá dẹ́pò lè gba ìyẹn, àwọn tó ni iṣẹ́ ló máa sọ.

Apènìyàn_Adó

Ọ̀gá wa kò ní gbà á, àwọn tó ń ra àwìn láàárọ̀ gan-an ló ń bà á lẹ́rù jù. Màá mú ẹni tó kọ áàpù wa wá síbí kó fúnra rẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀.